Ẹ yí ìgò náà padà: bí a ṣe ń ka lébẹ́ẹ̀lì òróró ẹja àti probáyọ́tìkì

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Abẹ́òkúta, láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé Kútọ̀, iwájú ìgò ló máa ń kọjú sí oníbàárà. Nọ́ńbà gàdàgbà ló sì máa ń wà níbẹ̀: 1000 mg lára òróró ẹja, 50 bílíọ̀nù lára probáyọ́tìkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ rà ló ń kà fún yín. Ti òróró ẹja ń sọ bí òróró inú kápúsù ṣe wúwo tó, kò sọ bí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ti probáyọ́tìkì, ìyẹn kòkòrò wínníwínní tó wà láàyè tí à ń gbé mì torí ikùn, sábà máa ń sọ iye bákitéríà tó wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n dì í, kò sọ iye tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí ẹ máa gbé e mì. Ẹ̀yìn ìgò ni ìdáhùn wà, lẹ́tà rẹ̀ ló kàn tín-ín-rín.

Ẹ mú fóònù dání, kí kámẹ́rà rẹ̀ lè sọ lẹ́tà wínníwínní di ńlá, kí ẹ sì lè fi ṣírò owó. Ẹ mú bíírò àti bébà kékeré kan. Tí ẹni tó ń tajà bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan ìgò kí ẹ tó sanwó, ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Òróró ẹja: kápúsù mélòó ni wọ́n fi ṣírò?

Lẹ́yìn ìgò, ẹ máa rí àpótí kan tí wọ́n fi ìlà yí ká, tí nọ́ńbà tò sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ má tíì wo àwọn nọ́ńbà yẹn. Ìlà tó wà lókè pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfíìn sáìsì. Òun ló ń sọ iye kápúsù tí gbogbo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ dúró fún. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ méjì, a sì máa ń rí mẹ́ta nígbà míì.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí 600 mg nísàlẹ̀, wọ́n á gbà pé kápúsù kan ló ní 600, wọ́n á wá máa lo ẹyọ kan lójúmọ́. Wọn ò mọ̀ pé kápúsù méjì ni wọ́n fi ṣe ìṣirò náà, wọn ò sì mọ̀ pé ìdajì ohun tí wọ́n rò ni wọ́n ń lò. Ẹ kọ iye kápúsù yẹn sórí bébà, òun la máa fi pín ohun tó kù.

Ìlà tó tẹ̀ lé e máa ń sọ iye ìgbà tí ìgò náà tó lò. Tí kápúsù inú rẹ̀ bá jẹ́ 60, tí wọ́n sì ní ó tó ìgbà 30, a jẹ́ pé méjì-méjì ni wọ́n ń kà á. Ẹ lè fi èyí mọ̀ ọ́n tí sítíkà iye owó bá bo ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ ro EPA àti DHA pọ̀, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀

Òróró ẹja dà bí ọbẹ̀. Ìkòkò lè kún dé ẹnu kí ẹran inú rẹ̀ má ju ẹyọ mẹ́ta lọ. 1000 mg tó wà níwájú ìgò ni ìkòkò ọbẹ̀. Ẹran ibẹ̀ ni EPA àti DHA, ọ̀rá méjì tí à ń torí wọn ra òróró ẹja. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ni kí ẹ wá nínú àpótí náà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ wọ́n nìyẹn lára ìgò gbogbo, bóyá Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é ni o, bóyá òkè òkun ni.

Nínú òróró ẹja gbàǹgbà, èyí tí wọn ò tíì tún sẹ́, 1000 mg sábà máa ń ní EPA 180 mg àti DHA 120 mg. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300 mg. 700 mg tó kù jẹ́ ọ̀rá míì tó wà lára ẹja náà. Púpọ̀ nínú irú òróró yìí ń wá láti ara ẹja wínníwínní tí wọ́n ń kó ní òkun Pẹrú, bó sì ṣe ń jáde lára ẹja náà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ tún un sẹ́, kí ó yọ àwọn ọ̀rá tí kò wúlò kúrò. Ìdí nìyẹn tí kápúsù tó ní 600 tàbí 700 nínú 1000 fi ń wọ́n.

Nǹkan mẹ́ta lè da ìṣirò yìí rú. Àkọ́kọ́ ni àpapọ̀ omẹ́gà-3, ìdílé ọ̀rá tí EPA àti DHA wà nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ lọ́tọ̀. Ó lè ju EPA àti DHA lọ, torí pé wọ́n ti ka àwọn omẹ́gà-3 kéékèèké míì mọ́ ọn. EPA àti DHA nìkan ni kí ẹ rò pọ̀. Èkejì ni omẹ́gà 3-6-9. Òróró ẹja tí wọ́n fi òróró èso lú ni, omẹ́gà-3 tó sì wà nínú òróró èso kì í ṣe EPA, kì í ṣe DHA. Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ni ara wa ń rí yí padà sí wọn. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lórúkọ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ó pé ju omẹ́gà-3 lọ, bẹ́ẹ̀ omẹ́gà-6 kò ṣọ̀wọ́n fún ẹni tó ń lo òróró ìsebẹ̀ ojoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ni òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù, tó ní fítámì A àti D nínú. Aboyún kò gbọ́dọ̀ kàn máa lò ó, torí pé fítámì A tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Kó fi lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rẹ̀ ná.

Tí ẹ bá wá EPA àti DHA títí tí ẹ ò rí wọn, tó jẹ́ pé “òróró ẹja 1000 mg” nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ilé iṣẹ́ tí iye tirẹ̀ bá dára kì í fi pa mọ́.

Ìgò mẹ́ta lórí pẹpẹ kan

Ká ní ìgò mẹ́ta ló wà níwájú yín. Àwa la fún wọn ní iye owó yìí, kí ìṣirò lè yé yín. Ẹ fi iye owó ọjọ́ tí ẹ bá lọ sọ́jà rọ́pò rẹ̀.

Ìgò kìíní ń jẹ́ “òróró ẹja 1000 mg”. Kápúsù 60 ló wà nínú rẹ̀, ₦9,000 ni. Lẹ́yìn rẹ̀, kápúsù méjì ni wọ́n fi ṣírò: EPA 360, DHA 240. Ẹ rò ó pọ̀, 600. Ẹ fi 2 pín in, kápúsù kan ní 300 mg. Kápúsù 60 lọ́nà 300 jẹ́ 18,000 mg, ìyẹn gíráàmù 18. Tí ẹ bá fi 18 pín ₦9,000, gíráàmù kan jẹ́ ₦500.

Ìgò kejì náà ní kápúsù 60, àmọ́ ₦15,000 ni wọ́n ń tà á, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ti gbójú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kápúsù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣírò: EPA 400, DHA 200. Kápúsù kan ní 600 mg, gbogbo ìgò ní gíráàmù 36. Gíráàmù kan kò ju ₦417 lọ. Èyí tó jọ pé ó wọ́n ló pọ́ọ́kú.

Ìgò kẹta ni omẹ́gà 3-6-9, 1200 mg, kápúsù 90, ₦8,100. Òun ló tóbi jù lójú, òun ló sì rọjú jù. Kápúsù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣírò lẹ́yìn rẹ̀: EPA 216, DHA 144. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360, ẹ fi 3 pín in, kápúsù kan ní 120 mg. Gbogbo ìgò kò ju gíráàmù 10.8 lọ, gíráàmù kan sì di ₦750.

Tí ẹnì kan bá fẹ́ 600 mg lójúmọ́, á lo méjì nínú ìgò kìíní, ìgò náà á sì tó o fún ọgbọ̀n ọjọ́. Á lo ẹyọ kan nínú ìkejì, ó di ọgọ́ta ọjọ́. Nínú ẹ̀kẹta, kápúsù márùn-ún ni yóò máa gbé mì lójoojúmọ́, ìgò náà á sì tán lọ́jọ́ kejìdínlógún.

Ẹ má gbàgbé ẹja fúnra rẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù fi 250 mg EPA àti DHA lójúmọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó tó àgbàlagbà. Gíráàmù 100 ẹja títọ́ọ̀sì lè ní tó gíráàmù méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá ara rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ó sì máa ń dín kù, bí ìgbà bá ṣe rí. Ẹni tó bá ń jẹ irú ègé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti ń rí nǹkan bíi 570 mg lójúmọ́ tí a bá fi ọjọ́ méje pín in. Ní tiwa, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi owó kápúsù ra ẹja.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí dókítà sọ fún pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tiraigílísíráìdì ga jù yàtọ̀. Omẹ́gà-3 tí dókítà ń kọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ní nǹkan bíi 840 mg EPA àti DHA nínú kápúsù gíráàmù kan, mẹ́rin ni wọ́n sì ń lò lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú kápúsù oní-300: ó ju mọ́kànlá lọ lójúmọ́. Ẹ má fi òróró ẹja orí káńtà dá a dán wò nílé. Omẹ́gà-3 tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè dá kún kí ọkàn àwọn kan máa lù ségesège. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi wáfárìn, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó fi òróró ẹja kún un.

Ṣé òróró náà ṣì dára?

Lébẹ́ẹ̀lì ò lè sọ bóyá oòrùn ti pa ìgò náà nínú ọkọ̀ láti Èkó wá, tàbí lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń pa òróró ẹja ni ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́, ooru kò sì wọ́n wa ní Abẹ́òkúta lóṣù kejì àti oṣù kẹta. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mi ìgò náà. Kápúsù tó wà dáadáa á máa ró wàràwàrà. Èyí tí ooru ti mú á ti lẹ̀ mọ́ra wọn, á máa lu ara ìgò bí òkò.

Nílé, ẹ gbé kápúsù kan sórí ṣíbí, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ú, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ahọ́n kàn án. Òórùn ẹja díẹ̀ kò burú. Tó bá ń rùn bí ọ̀dà àtijọ́ tàbí bí òróró àkàrà tí wọ́n ti lò nílòkulò, tó sì ń ta ahọ́n, ó ti bàjẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sí, torí òórùn yẹn lè bo ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀. Ahọ́n ni kí ẹ gbà gbọ́ níbẹ̀. Tí òróró bá dì díẹ̀ nínú fíríìjì, òtútù ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kò bàjẹ́.

Ẹ lè ti rí fídíò kan tí wọ́n ti ń da òróró kápúsù sínú ife fóòmù, tí ife náà á sì lu. Ohun tó ń fi hàn ni irú àkópọ̀ tí òróró náà jẹ́, nítorí pé irú kan máa ń yọ́ fóòmù ju òmíràn lọ. Kò sọ iye EPA, kò sì sọ bóyá òróró ti bàjẹ́. Ẹ má fi kápúsù ṣòfò.

Fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀: èèpo kápúsù tó rọ̀ yìí sábà máa ń jẹ́ gẹlátíìnì, ó sì lè jẹ́ ti màlúù, ti ẹja tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Abẹ́ àpótí nọ́ńbà náà, níbi tí wọ́n to àwọn èròjà yòókù sí, ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Tí wọn ò bá sọ ti ẹran wo, wọn ò sọ ọ́ náà nìyẹn.

Probáyọ́tìkì: kí ni CFU ń kà?

Ẹ gbé kóńgò àgbàdo méjì kalẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, kòkòrò ti jẹ ojú ìkejì. Wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà, àmọ́ ẹ gbìn wọ́n, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Bí probáyọ́tìkì ṣe rí nìyẹn. Bákitéríà tó ti kú náà ń wúwo lórí òṣùwọ̀n, torí náà tí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ pé ó ní “50 mg bákitéríà” tí kò sì sọ iye tó wà láàyè, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìwúwo ta irúgbìn ló rí.

CFU ni iye tó lè hù. Nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n á po ìyẹ̀fun inú kápúsù mọ́ omi, wọ́n á bu ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sínú omi míì, wọ́n á tún bu ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn, títí tí yóò fi ṣàn dáadáa. Wọ́n á wá tẹ́ ẹ sórí àwo tí oúnjẹ bákitéríà wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi í síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ibi tí bákitéríà tó wà láàyè bà lé á ti di tóótóó kékeré tí ojú lè rí. Tóótóó yẹn ni wọ́n ń kà, tí wọ́n á sì fi iye ìgbà tí wọ́n là á pọ̀ lọ́nà. Èyí tó ti kú kò ní hù, kò sì ní sí nínú kíkà.

Ọ̀pọ̀ lébẹ́ẹ̀lì kì í kọ bílíọ̀nù, báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́:

```
1 x 10^8 CFU  = 100,000,000
1 x 10^9 CFU  = 1,000,000,000
1 x 10^10 CFU = 10,000,000,000
```

Nọ́ńbà kékeré tó wà lókè 10 ni iye odo tó tẹ̀ lé 1. Tó bá fi ẹyọ kan dín, gbogbo rẹ̀ ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Páálí tó ní 9 × 10⁸ kò tó bílíọ̀nù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 9 ló kọ́kọ́ sọ sí yín lójú. Èyí tó ní 2 × 10⁹ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ẹ ka nọ́ńbà orí yẹn kí ẹ tó ka ti iwájú. Ẹ sì tún padà sí sáfíìn sáìsì, torí ẹ̀tàn kápúsù méjì wà níbí náà.

Lọ́jọ́ wo ni wọ́n kà á?

Gbólóhùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà, tàbí tí wọ́n fi ìràwọ̀ tọ́ka sí nísàlẹ̀, ló ṣe pàtàkì jù lára páálí probáyọ́tìkì. Ó lè sọ pé iye yìí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ó sì lè sọ pé iye yìí á ṣì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ẹkisipáyà. Àwọn méjèèjì jìnnà síra. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣèlérí títí di ẹkisipáyà ní láti fi èlé sí i lọ́jọ́ tó ń dì í, kí ohun tó máa kú má bàa mú un dín sí ìlérí rẹ̀. Èyí tó ní “nígbà tí wọ́n ṣe é” kò ṣèlérí kankan fún yín.

Ká ní páálí kan ní 50 bílíọ̀nù nígbà tí wọ́n ṣe é, tí ooru sì ń pa ìdajì ohun tó ṣẹ́ kù lóṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù kan, ó di 25. Lẹ́yìn méjì, 12.5. Lẹ́yìn mẹ́ta, 6.25. Lẹ́yìn mẹ́rin, nǹkan bíi 3.1. Lẹ́yìn márùn-ún, kò tó 1.6 mọ́. Tí páálí kejì bá ní 5 bílíọ̀nù títí di ẹkisipáyà, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì mú ìlérí ṣẹ, láti oṣù kẹrin ló ti ju páálí oní-50 lọ. Àpẹẹrẹ ni ìdajì lóṣooṣù yìí o. Irú bákitéríà, bí wọ́n ṣe gbẹ ẹ́ tó àti bí ibi tó wà ṣe gbóná tó ló ń pinnu bó ṣe ń yára kú. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni kí ẹ wá lára páálí, kí ẹ ka oṣù tó ti kọjá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ní kí a tọ́jú rẹ̀ náà. Tí wọ́n bá ní fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, tí ẹ sì bá a lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sí ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ fẹ́ bá yín sọ mọ́. Kódà tó bá wà nínú fíríìjì, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe tí iná bá lọ. Ní ìlú tí iná ń ṣe ségesège, èyí tí kò nílò fíríìjì, tí wọ́n di ẹyọ-ẹyọ sínú fọ́ìlì, la máa ń yàn. Ti inú ìgò máa ń gba ọ̀rinrin sára ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ọ̀rinrin sì máa ń jí bákitéríà gbígbẹ díẹ̀, tí kò ní rí oúnjẹ jẹ, tí yóò sì kú.

Bacillus clausii, tí wọ́n ń tà nínú ìgò wínníwínní oní-5 ml, tó ní bílíọ̀nù méjì nínú, yàtọ̀. Ó máa ń wé ara rẹ̀ sínú èèpo líle bíi kóró, ooru kì í sì tètè rí i gbé ṣe.

Bílíọ̀nù ta ni?

Tí ẹ bá dé Abẹ́òkúta tí ẹ ní ẹ ń wá Ṣẹ́gun, wọ́n á bi yín pé Ṣẹ́gun wo. Ẹ ní Ṣẹ́gun ọmọ Ìtòkú, ó ti sún mọ́ ọn, àmọ́ kò tíì tó. Àfi kí ẹ mọ agboolé rẹ̀. Orúkọ bákitéríà náà ní apá mẹ́ta. Nínú Lacticaseibacillus rhamnosus GG, èyí àkọ́kọ́ ni ìdílé, ìkejì ni orúkọ, GG ni agboolé. Lórí agboolé yẹn ni wọ́n ti ṣe ìwádìí. Páálí tó bá dúró sórí apá kejì kò tíì sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó rú yín lójú tí ẹ bá rí Lactobacillus rhamnosus GG lára páálí míì. Ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ tún ìdílé yẹn pín, ẹnì kan náà ni.

Ìdí nìyí tí a kì í fi ṣírò iye owó bílíọ̀nù kan bí a ti ṣe fún gíráàmù òróró ẹja. EPA inú ìgò kan kò yàtọ̀ sí EPA inú òmíràn. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù 5 tí a mọ agboolé rẹ̀, tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹgbẹ́ bílíọ̀nù 50 tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Tí lébẹ́ẹ̀lì bá to orúkọ mẹ́wàá jọ, tó wá kọ iye kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, ẹ ò lè mọ iye tó kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mẹ́sàn-án lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lo ántíbáyọ́tìkì, tí kò sì fẹ́ kí inú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ikùn ọmọdé ní Yúróòpù dárúkọ méjì tí a lè lò: GG tí a sọ lókè yìí, àti Saccharomyces boulardii, kó má dín sí bílíọ̀nù 5 lójúmọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ántíbáyọ́tìkì. Ní báyìí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa wá: orúkọ ní kíkún, 5 × 10⁹ ó kéré tán nínú iye tí wọ́n ní kí ọmọ lò lójúmọ́, àti ìlérí títí di ẹkisipáyà. Ìwúkàrà ni boulardii, kì í ṣe bákitéríà, ántíbáyọ́tìkì kì í pa á, mg ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ tirẹ̀. Òun nìkan ni a kì í torí mg dá padà. Ti GG, ẹ fi bíi wákàtí méjì sí àárín òun àti ántíbáyọ́tìkì.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti mú ọmọ, omi ORS àti síńkì ló ṣáájú, probáyọ́tìkì kankan ò lè gba ipò wọn. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ agbára ara rẹ̀ di aláìlera, àti ẹni tí rọ́bà wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, torí kòkòrò tó wà láàyè yìí lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé

Ẹ fi bíírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sórí ìdérí. Òróró ẹja tí ẹ bá ti ṣí, ẹ lò ó tán láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí ẹ gbé e kúrò níbi ààrò àti ojú fèrèsé. Àpò kékeré tó ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú ìgò probáyọ́tìkì ló ń fa ọ̀rinrin, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì da kápúsù sínú ike míì. Tí ìgò bá ti inú fíríìjì jáde, ẹ jẹ́ kó kúrò ní tútù kí ẹ tó ṣí i, kí ìrì má bàa sẹ̀ sínú rẹ̀.

Fún ọmọ tí kò lè gbé kápúsù mì, ẹ lè já a, kí ẹ da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ẹ̀kọ mímu. Kí ẹ̀kọ náà ti tutù dé ibi tí ẹ lè ki ìka bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ láìsí pé ó gbóná yín. Ẹ̀kọ tó ṣì ń rú èéfín á se bílíọ̀nù márààrún jinná kí ṣíbí àkọ́kọ́ tó dé ẹnu ọmọ.